Àtúnṣe ni wọ́n pè é, ìtumọ̀ tuntun ni mo ṣe

Owó àtúnṣe ni wọ́n san fún mi, ìtumọ̀ tuntun ni mo ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìtàn Faransé kan ránṣẹ́ sí mi, ìtàn obìnrin alásè kan ní ilé oúnjẹ nílùú Lyon. Ẹlòmíì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí n kàn bá wọn fojú wò ó. Iye tí wọ́n ń san fún ìyẹn kò tó ìdajì owó ìtumọ̀. Mo gbà, torí ojú ìwé méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí mọ́ tónítóní. Ojú ìwé kẹta ni obìnrin náà ti "fell in the apples".

Àwọn tó rọrùn, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. "Tomber dans les pommes" kò ju kéèyàn dákú lọ, mo kọ "she passed out". "Il pleut des cordes" ni pé òjò ń rọ̀ gan-an. Ẹni yẹn ní òjò ń rọ okùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sáré kọ "raining cats and dogs" tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n alásè ọmọ ìwòyí kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Bucketing down" ni mo lò, torí ará Ìlú Ọba ló máa kà á. Ká ní ará Amẹ́ríkà ni, "pouring" á tó.

Èyí tó léwu jù ni èyí tí kò ṣàjèjì lójú. Nínú ìtàn ilé oúnjẹ, ta ni yóò fura bó bá kà pé ìyá tó ni ibẹ̀ "put water in her wine"? Àmọ́ ohun tí "elle a mis de l'eau dans son vin" ń sọ ni pé màmá náà ti dẹwọ́ díẹ̀, kò le koko bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé kò sí ife kankan lórí tábìlì níbẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. "Watered down her wine" gan-an á tún burú jù, á dà bíi pé ó ń lú àwọn oníbàárà ní jìbìtì. Mo kọ "she had softened". Wáìnì ti kúrò níbẹ̀, kò sì dun ẹnikẹ́ni.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dá mi dúró. Gbólóhùn méjì yìí ló dá mi dúró: "Dans cette cuisine, le chef faisait la pluie et le beau temps. Ce soir-là, il avait choisi la pluie." Pé èèyàn "fait la pluie et le beau temps" ni pé ohun tó bá wù ú ló ń ṣe, àṣẹ rẹ̀ nìkan ló ń múlẹ̀. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ "parler de la pluie et du beau temps", ìyẹn ni ká máa tàkúrọ̀sọ lásán.

Ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè máa fún yín ni "call the shots". Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá lò ó, kí ni mo fẹ́ fi gbólóhùn kejì ṣe? Òǹkọ̀wé ti mú òjò inú àkànlò èdè yẹn, ó fi ṣẹ̀fẹ̀: lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò ni ọ̀gá yàn, ìyẹn ni pé ó kanra wọlé. "Call the shots" kò ní òjò nínú. Mo dán "ruled the roost" wò. Adìẹ dé, òjò ò dé. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n gé gbólóhùn kejì dànù, ṣùgbọ́n òun ló dùn jù lójú ìwé yẹn.

Ìgbà tí mo jáwọ́ nínú wíwá èyí tó bá a dọ́gba, tí mo wá ń wá àkànlò Gẹ̀ẹ́sì tó ní òjò àti oòrùn nínú, ló tó bọ́ sí i: "Come rain or shine, the chef's word was law in that kitchen. That night it was rain." Àṣẹ wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀. Ohun kan ló sọnù: nínú Faransé, ọ̀gá ló yan òjò; nínú tèmi, òjò kàn dé ni. Mo gbà kó sọnù. Mo kà á sókè, mo rẹ́rìn-ín, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́.

Olùyẹ̀wò wọn dá a padà. Ó ní ibo ni "law" ti wá, òun ò rí i nínú Faransé. Ẹni tí "fell in the apples" gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá o! Ó ní kí n lo "called the shots" torí òun ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ fi òjò gbólóhùn kejì ṣe. Kò fèsì. Fáìlì wà nílẹ̀, owó mi náà wà nílẹ̀, títí ó fi kọ̀wé pé ká jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, n kì í fọwọ́ kan àkànlò èdè kankan láì tíì ka gbólóhùn tó tẹ̀lé e. Bí òǹkọ̀wé bá tún pe òjò tàbí wáìnì inú rẹ̀ padà, ìwé atúmọ̀ èdè ò lè gbà yín. Bí kò bá pè é, ẹ mú èyí tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Bí iṣẹ́ bá sì jẹ́ àtúnṣe, ojú ìwé láti àárín ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kẹ́ ẹ tó dá owó, ẹ má gba ti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti tún fi ìtàn míì lọ̀ mí. Owó ìtumọ̀ odidi ni mo bù lé e, wọ́n ní àwọn ń rò ó.