Ohùn Bàbá tó rìn kúrò nídìí máíkì

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ ìtàn ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Fáìlì oníṣẹ́jú 47 ni wọ́n gbé fún mi pé kí n tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ohùn dùn ún gbọ́ títí di ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ni Bàbá bá fi máíkì sílẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀, wọ́n lọ ń yàwòrán sí pátákó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kí wọ́n tó padà.

Bí ẹnu bá jìnnà sí máíkì ní ìlọ́po méjì, ohùn á fi bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 rẹlẹ̀; dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Èyí tó ti ibi pátákó wá rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 16.

Mo kọ́kọ́ sá lọ sídìí Compressor, tó ń mú kí ohùn tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ súnmọ́ra, nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe. Àṣìṣe ni. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá mí, fáànù òkè á bú ramúramù, bí ẹni pé òun náà ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Mo tẹ Ctrl+Z.

Ariwo fáànù ni mo wá kọ́kọ́ bá jà, nítorí pé bákan náà ló rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin fáìlì. Bí mo bá ti yí ìwọ̀n ohùn padà, kò ní rí bákan náà mọ́, Noise Reduction tó ń yọ ariwo ò sì ní mọ èyí tí yóò mú. Mo yan ibi tí Bàbá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mo tẹ Get Noise Profile kó lè mọ bí ariwo náà ṣe ń dún, mo sì yọ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 péré. Nígbà tí mo dán 12 wò, ohùn Bàbá dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Lẹ́yìn náà, dípò kí n gbé ohùn ọ̀nà jíjìn sókè, ti ìtòsí ni mo fà wálẹ̀. Mo fi Envelope Tool, tó ń fi ìlà kan gbé ìwọ̀n ohùn sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, fà á dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10. Mi ò fa gbogbo 16 náà, torí etí olùgbọ́ mọ̀ pé Bàbá ti rìn lọ. Bí wọ́n bá ṣì dún bí ẹni tó wà nídìí máíkì, á jọ ẹ̀tàn. Ibi tí wọ́n ti ń rìn gba sùúrù jù. Ìṣísẹ̀ wọn ń dún lórí táìsì, nítorí náà mo jẹ́ kí ìlà náà máa gòkè bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀, fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gé e lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ni fáànù kàn fò sókè lójijì.

Ó wá ku kí n fi Amplify gbé gbogbo rẹ̀ sókè, àmọ́ kò gbà ju 3 lọ. Àtẹ́wọ́ kan ló fà á: àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí Bàbá wà níwájú pátákó, ìyẹn ló ga jù nínú fáìlì. Mo fa àtẹ́wọ́ náà wálẹ̀, Amplify sì gbà dé 11. Mo fi New Peak Amplitude, ìyẹn ibi tí ohùn tó ga jù yóò dé, sí -1.

Gbohùngbohùn gbọ̀ngàn ò ṣeé yọ. Gbólóhùn kan tí Bàbá sọ nígbà tí wọ́n kọjú sí pátákó ò yé mi rárá. Mo pè wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọ níbí?” Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, èmi gan-an ò gbọ́ ọ.”