Bí ẹ ṣe máa gbé Sensitivity yín láti CS2 lọ sí Valorant tọ́wọ́ yín ò ní sọnù

Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi kan ti ń gbá CS2 nílé wa ní Ìbarà, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé bí orí èèyàn bá yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, ìbọn ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ní kó wá báwọn gbá Valorant ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Pánsẹ́kẹ́, ó débẹ̀, ó tẹ Sensitivity 1.2 tó ń lò nínú CS2 síbẹ̀ bó ṣe wà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìbọn ṣe máa yára yí tó téèyàn bá gbé máòsì rìn, ló bá ń yí bí òkòtó. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé pé mi ò mọ ìbọn yìn mọ́ ni?” Mo ní rárá, o mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà yẹn ni ò jọ ara wọn nínú géèmù méjèèjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tẹ́ẹ bá gbé máòsì rìn, ńṣe ló ń ka ìgbésẹ̀ kéékèèké ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, DPI ló sì ń sọ iye ìgbésẹ̀ tó máa kà nínú íǹṣì kan, tó bá jẹ́ 800, ìgbésẹ̀ 800 nìyẹn. Géèmù wá ní iye dígírì tó máa fi yí yín fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà: tí Sensitivity bá wà ní 1, CS2 máa yí yín ní dígírì 0.022, àmọ́ Valorant máa yí yín ní 0.07. Ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi tó máa ń gbé máòsì rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43 kó tó yí po tán nílé fi yí po tán láàárín sẹ̀ǹtímítà 13 àti ààbọ̀ péré ní Pánsẹ́kẹ́, ọwọ́ wo ló máa bá ìyẹn?

Torí náà ẹ mú nọ́ńbà CS2 yín, ẹ fi 3.18 pín in:

```
1.2 / 3.18 = 0.377
```

0.377 yẹn lẹ máa tẹ̀ sínú Valorant, ẹ má gé e sí 0.4 torí géèmù yẹn ń gba nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdá. Tó bá jẹ́ Valorant lẹ ti ń bọ̀ wá sí CS2, ẹ fi 3.18 táìmísì ẹ̀ dípò kẹ́ẹ fi pín in.

Ìyẹn tó tí DPI bá jẹ́ ọ̀kan náà. Tí máòsì ibi tẹ́ẹ ń lọ bá wà ní DPI mìíràn, ẹ táìmísì Sensitivity yín pẹ̀lú DPI àtijọ́, kẹ́ẹ wá fi DPI tuntun pín in. Ẹni tó ń lo 0.377 lórí 800, tó wá bá máòsì tó wà ní 1600:

```
0.377 x 800 / 1600 = 0.189
```

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn róólà máòsì, ìyẹn ló ń yí DPI padà, ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú yín lè ti tẹ̀ ẹ́. Mo tún rí àwọn tó ń táìmísì DPI pẹ̀lú Sensitivity tí wọ́n á wá fi èsì ẹ̀ wé ti ẹni tó ń gbá géèmù mìíràn, kò bá ara wọn mu o, inú géèmù kan náà nìkan ni ìfiwéra yẹn ti wúlò.

Àbúrò mi tẹ 0.377, ara ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó di alẹ́ ó tún pè, ó ní ìbọn òun ṣì ń kọjá orí èèyàn díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ 800 ni wọ́n kọ sídìí máòsì yẹn. Èmi ò gba ohun tí wọ́n kọ sídìí máòsì gbọ́ títí màá fi wọ̀n ọ́n, torí pé ọ̀pọ̀ máòsì olówó pọ́ọ́kú ni DPI ẹ̀ kì í jẹ́ iye tí wọ́n kọ gan-an. Mo ní kó lọ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ yẹn gan-an.

Bẹ́ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ wọ ibi ìdánrawò inú Valorant tí wọ́n ń pè ní The Range, ẹ dúró sójú kan, kẹ́ẹ gbé àmì àárín tẹ́ẹ fi ń wo ibi tí ìbọn dojú kọ sí etí ògiri tàbí òpó kan tó hàn dáadáa. Ẹ tẹ́ tépù sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì, kí etí òsì máòsì wà lórí òdo, kẹ́ẹ wá wọ́ máòsì lọ sápá ọ̀tún ní títọ́, jẹ́ẹ́jẹ́, láìyí ọrùn ọwọ́, títí àmì àárín á fi padà dé etí ògiri yẹn. Ibi tí etí òsì máòsì bá dé lórí tépù ni iye yín. Tí páàdì bá kéré, ẹ wọ́ ọ dé ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé máòsì sókè tààrà, ẹ dá a padà sórí òdo, kẹ́ẹ máa bá a lọ, kẹ́ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tí wíwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bá ń fún yín ní iye kan, tí wíwọ́ kíákíá ń fún yín ní òmíràn, nǹkan kan ń fi eré kún ìrìn máòsì nìyẹn, ẹ wọ ètò máòsì inú Windows kẹ́ẹ yọ àmì kúrò níwájú Enhance pointer precision, kẹ́ẹ sì wo ohun èlò máòsì fúnra ẹ̀ tó bá ní.

A ti wọn ti ilé nínú CS2, 43.3 ló fún wa. Ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 39. Máòsì ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ka bíi 890 nínú íǹṣì kan, kì í ṣe 800. Ẹ ò nílò kẹ́ẹ mọ DPI yẹn rárá kẹ́ẹ tó tún un ṣe, ẹ táìmísì Sensitivity yín pẹ̀lú iye tẹ́ẹ wọ̀n, kẹ́ẹ wá fi iye tẹ́ẹ fẹ́ pín in:

```
0.377 x 39 / 43.3 = 0.340
```

Ó tẹ 0.340, ó tún wọ̀n ọ́n, ó ń bọ̀ ní 43 àti díẹ̀. Ó ní òun ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rìsíìtì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìjókòó yẹn, torí máòsì ìjókòó kejì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ìṣirò yìí ò lè ṣe. Ó ń jẹ́ kí yíyí po bára mu, àmọ́ CS2 lórí ojú kọ̀ǹpútà gbọọrọ ń fi nǹkan bíi dígírì 106 hàn yín látòsì dé ọ̀tún, Valorant ń fi 103 hàn, torí náà ohun kan náà lè dà bí ẹni pé ó ń sáré díẹ̀ sí i nínú Valorant, ẹ fún ojú yín lọ́jọ́ méjì mẹ́ta kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn. Ìbọn tó ní awò sì lọ́tọ̀, torí pé ìgbà tẹ́ẹ bá ń wo inú awò, géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ yín: `zoom_sensitivity_ratio` ni ti CS2, Scoped Sensitivity Multiplier ni ti Valorant, 3.18 ò ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ lórí 1 ná, kí ti ìbọn tí ò ní awò kọ́kọ́ tọ́ tán, kẹ́ẹ tó kàn wọ́n.