Bí a ṣe ń fún ọmọ kékeré ní oògùn aràn

Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí agolo oògùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò ní í lò ó. Èyí tí ara rẹ̀ ń gbóná, kí ìyá rẹ̀ gbé e padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá yá.

Albẹndasóòlù ni wọ́n sábà máa ń pín. Ọmọ tó ti pé ọdún méjì á lo hóró kan, ìyẹn 400 mílígíráàmù. Èyí tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì á lo ààbọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí. Ọmọ ń sunkún, ìlà gùn, oòrùn mú, ni wọ́n bá dì í nímú, wọ́n da orí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń rọ ọ́ bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo. Mo ti rí i ní Bárígà, mo sì ti rí i ní Mákòkó. Ẹ má dán an wò! Ọmọ tó ń ké ń fa èémí sínú, hóró oògùn yẹn lè bá èémí wọlé kó sì dí i lọ́nà. Ní Ethiopia lọ́dún 2007, àwọn ọmọ kéékèèké kú nípa báyìí lásìkò ìpínfúnni oògùn aràn.

Nítorí náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba hóró tàbí ààbọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kúnná. Ká ní ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ ló wà níwájú yín. Ẹ dá hóró sí méjì, ẹ fi ìdajì kan sáàárín ṣíbí irin méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Ṣíbí ike máa ń tẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ti irin, ẹ fi bébà mímọ́ wé oògùn náà, kí ẹ yí ìgò lé e. Ẹ bu omi mímọ́ díẹ̀ sí i. Kí ọmọ jókòó dáadáa lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kó gbé ti àkọ́kọ́ mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bó bá bú sẹ́kún, ẹ dúró. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ, ọjọ́ mìíràn ń bẹ. Àwọn tó dàgbà á rún tiwọn lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e mì.

Inú lè run ọmọ díẹ̀, aràn sì lè bá ìgbẹ́ jáde. Kí ìyá má fòyà.

Aràn tó wà nínú ikùn lónìí ni oògùn yìí ń pa, kò dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Abo aràn ńlá kan lè yé ẹyin bí 200,000 lóòjọ́. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde kò tíì lè ranni. Ó nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú ilẹ̀ tútù. Bí òjò bá wá kún ṣáláńgá tó sì da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú àgbàlá, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń fọwọ́ kó o sẹ́nu. Ọmọ aràn á gba inú ẹ̀dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, á padà sí ikùn, yóò sì máa yé ẹyin tirẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un lò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà níbi tí aràn bá ti pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára káàdì ọmọ kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ má sì dúró sí ilé-ìwé nìkan, nítorí àwọn ọmọ ọdún kan àti méjì wà nílé.