Ẹ pa bọ́tìnì, ọ́dà ṣì di méjì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe sáìtì ìtajà fáwọn èèyàn, bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ́ kí ọ́dà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, owó oníṣòwò lẹ fi ń ṣòfò o, ó dẹ̀ ti ń bí mi nínú tipẹ́.

1. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti pa bọ́tìnì ìsanwó lẹ́yìn títẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí, mo tiẹ̀ ń ṣe fọ́ńté. Mo ṣe sáìtì fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo níbí. Ọjọ́ kan lobìnrin kan ra yáàdì márùn-ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín, ọ́dà ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ èsì tó yẹ kó padà sórí fóònù ẹ̀ sọnù sọ́nà. Lẹ́yìn 30 sẹ́kọ́ńdù, kọ́ọ̀dù mi sọ fún un pé kò lọ, kó tún un tẹ̀, mo dẹ̀ fọwọ́ ara mi jí bọ́tìnì tí mo pa! Ọ́dà kan 11:02, èkejì 11:03. Ọlọ́kadà gbé ẹrù méjì lọ, ó gbé ọ̀kan padà, ìyá bá pè mí: "Ọmọ mi, ta ló máa san owó ọ̀kadà yìí?" Èmi ni mo san án.

2. Ẹ yé dá ọ́dà dúró torí pé ẹnì kan náà ra nǹkan kan náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó lè fẹ́ òmíì fún àbúrò ẹ̀.

3. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹ ti gbọ́ pé kí ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdámọ̀ tiẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ wá lọ ń ṣe nọ́ńbà ọ̀hún nínú kọ́ọ̀dù bọ́tìnì! Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń gba nọ́ńbà tuntun, bíi kẹ́ ẹ máa fún ẹnì kan ṣoṣo ní táálì méjì lórí ìlà. Ìgbà tójú ìwé ìsanwó bá ṣí ni kí sáfà ti ṣe é, kó so ó mọ́ agbọ̀n ọjà, tó fi jẹ́ pé tó bá tún ojú ìwé ṣí, nọ́ńbà kan náà ló máa bá níbẹ̀. Tó bá pààrọ̀ ọjà inú agbọ̀n, ẹ fún un ní tuntun.

Ẹ má dẹ̀ kọ́kọ́ fi `SELECT` wò ó bóyá nọ́ńbà náà ti wà. Tí méjì bá dé pọ̀, àwọn méjèèjì máa wò, wọn ò ní rí nǹkan kan, àwọn méjèèjì á wọlé. Dátábéèsì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ̀ ọ́, bí mo ṣe ń ṣe é ní PostgreSQL rèé, `order_key` ni nọ́ńbà ọ̀hún:

```sql
ALTER TABLE orders ADD UNIQUE (order_key);

INSERT INTO orders (order_key, total)
VALUES ($1, $2)
ON CONFLICT (order_key) DO NOTHING;
```

Tí kò bá kọ ìlà kankan, ẹ wá ọ́dà àkọ́kọ́ jáde kẹ́ ẹ fi hàn án pé ó ti wọlé. Mo ti rí ẹni tó ń ju éérọ̀ pupa sí kọ́sítọ́mà tó ti sanwó lójú, ẹni yẹn ò ní tún un tẹ̀ bí?

Nọ́ńbà yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń bá yín gbowó o, kí wọ́n má bàa gba owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníbàárà, ẹ jẹ́ kí sáfà sùn fún 40 sẹ́kọ́ńdù lẹ́yìn tó bá kọ ọ́dà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fóònù yín rajà, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀ nígbà tó bá sọ pé kò lọ. Tẹ́ ẹ bá bá ìlà méjì nínú `orders`, ẹ ti mọ ẹni tó máa sanwó ọ̀kadà.