Ẹ má dán an wò nínú ilé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú lílo Tailscale fún sáfà ilé

Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dán VPN wọn wò. Wọ́n fi Tailscale, ètò VPN tó ń jẹ́ kí a lè dé sáfà ilé láti ibikíbi, sórí sáfà, wọ́n fi sórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n ṣí fáìlì kan, ó ṣí, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ Wáífáì kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń lò. Ó lè jẹ́ pé VPN náà kò tilẹ̀ dá sí i rárá.

Ẹ wo àdírẹ́sì tí ẹ tẹ̀. Tó bá jẹ́ irú 192.168.1.20, àdírẹ́sì inú ilé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò ní rí sáfà mọ́, tàbí kó tilẹ̀ kan ẹ̀rọ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ lò ni èyí tí Tailscale fún sáfà. Ẹ bi í lórí sáfà fúnra rẹ̀:

```
tailscale ip -4
```

Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 ni yóò jáde. Ẹ wá yọ láptọ́ọ̀pù kúrò lórí Wáífáì ilé, ẹ fi dátà fóònù so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún un dán wò.

Bó bá ń wọ́ níbẹ̀, ẹ má sáré lọ ṣí pọ́ọ̀tù lórí rúta. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sáfà yẹn wádìí, bí àpẹẹrẹ:

```
tailscale ping 100.101.102.103
```

Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá sọ pé `via DERP`, kò burú: ẹ̀rọ alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi rí ọ̀nà tààrà. Bó bá dúró sórí DERP, ó kàn máa lọ́ra ni. Alárinà yẹn kò lè ka ohun tó ń gbé. Ìwé àti fọ́tò yóò kọjá dáadáa. Fídíò ńlá ló máa ni yín lára.

Pọ́ọ̀tù tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Tailscale kò ní bá yín tì í. Àwọn kan a fi sílẹ̀ pé bóyá yóò wúlò, àwọn àjèjì a sì máa kanlẹ̀kùn SSH wọn, ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè, tọ̀sán-tòru. Ẹ wọ inú rúta, ẹ pa á rẹ́.

Èyí tó máa ń pẹ́ kó tó fara hàn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, èyí tí Tailscale fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí ẹ kò bá yí i padà, ọjọ́ 180 ló ń lò. Tó bá pé, sáfà yóò kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ tún forúkọ wọlé lórí rẹ̀. Bí gbogbo yín bá wà lẹ́yìn odi ńkọ́? Lójú ìwé Machines lórí wẹ́ẹ̀bù Tailscale, ẹ tẹ àmì `...` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, kí ẹ yan `Disable key expiry`. Sáfà nìkan ni kí ẹ ṣe é fún. Láptọ́ọ̀pù tí a ń gbé káàkiri lè bọ́ sọ́wọ́ olè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ máa parí.