Bí mo ṣe gé áàpù àjọ sí ìpele mẹ́rin kí n tó dá ọjọ́ fún Ìyá Alájọ

Gbólóhùn méjì péré ni Ìyá Alájọ sọ fún mi: "Ọmọ mi, bá mi ṣe áàpù tí yóò máa bá mi ṣe àjọ mi. Ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?" Ọjà Ojúwòyè ní Múṣín ló ti ń gba àjọ. Èmi nìkan ni mo sì ń kọ áàpù, lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù mi ní Ìkẹjà. "Oṣù kan" ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín rìn lọ́jà ná."

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé wọn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Káàdì olójú 31 ló wà lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti san owó, ìyá á sààmì sí ojú kan. Nígbà tó bá fẹ́ kówó, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù di tiẹ̀. Lálẹ́, ìyá á tún da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá kan. Mo bi wọ́n pé ibo lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ ìkówó ni. Káàdì á ní mẹ́rìndínlógún, ìwé mi á ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí n tó rí ibi tó ti yàtọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí áàpù náà wà fún. Nígbà tí mo délé, mo kọ gbogbo ohun tí ìyá fẹ́ sílẹ̀, mo sì fi dandan lé e pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan, ohun tó fọwọ́ kàn, àti ohun tó rí lójú fóònù. "Kí àjọ rọrùn" kò lè wọlé. "Ìyá fọwọ́ kan orúkọ oníbàárà, wọ́n tẹ iye owó, ojú káàdì onítọ̀hún sì pọ̀ sí i" wọlé. Gbólóhùn 13 ni mo rí. Mo wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: bí èyí kò bá sí, ṣé ìyá ṣì lè gbé fóònù lọ sọ́jà ní Mọ́ńdè? Méje ṣubú síbẹ̀, lára wọn ni áàpù ti àwọn oníbàárà fúnra wọn àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò máa lọ bá wọn.

Mẹ́fà tó kù, àti méjì tí èmi fúnra mi fi kún un, ni mo pín sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní: kí ìyá forúkọ oníbàárà sílẹ̀, kí wọ́n kọ owó tó san, kí wọ́n rí káàdì rẹ̀, kí wọ́n sì lè tún àṣìṣe ṣe, lórí fóònù kan ṣoṣo, láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì: ìṣirò ọjọ́ ìkówó àti àròpọ̀ owó ojúmọ́. Ìkẹta: ẹ̀dà àkọsílẹ̀ níbòmíì, nítorí bí wọ́n bá já fóònù ìyá gbà ní Oṣòdì, owó ọlọ́wọ́ ti wọ inú òkùnkùn nìyẹn. Ìkẹrin: gbígbé e sórí `Play Store`, kí àwọn alájọ ẹgbẹ́ wọn náà lè lò ó. Ó wù mí kí n fi ibi tí àkọsílẹ̀ á máa wà ṣe ìpele kan, kí àwọn ohun tí yóò hàn lójú fóònù sì jẹ́ òmíràn, bí àwa tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń rò ó. Àmọ́ kò sí èyí tí mo lè gbé fún ìyá nínú ìyẹn. Tí n kò bá sì rí nǹkan gbé fún wọn, kò sí bí n ó ṣe mọ̀ pé mo ti ṣì í ṣe.

Ó wá ku fífojú bu àkókò. N kò fojú bu ìpele lódindi. Iṣẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ni mo ń wọ̀n, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríṣi iye wákàtí mẹ́ta: bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, bó ṣe sábà máa ń rí, àti bó bá dojú rú. Mo tò wọ́n sínú B, C àti D nínú ìwé ìṣirò kọ̀ǹpútà, mo sì kọ èyí síwájú wọn:

```
=(B2+4*C2+D2)/6
```

Ìforúkọsílẹ̀ gba 2, 3 àti 10, ó já sí wákàtí 4. Kíkọ owó gba 3, 5 àti 13, ó já sí 6. Àfihàn káàdì gba 4, 6 àti 14, ó já sí 7. Títún àṣìṣe ṣe gba 1, 2 àti 9, ó já sí 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 20. Iye kẹta yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ó ń fipá mú mi ronú sí ohun tó lè bàjẹ́.

Iṣẹ́ kan wà nínú àwọn méje tó ṣubú tí mo ṣì fẹ́ dá padà, àmọ́ ó kọ̀ láti wọ̀n: kí oníbàárà lè san owó látorí fóònù tirẹ̀. Mo kọ 10 síbi tó dára, mo kọ 80 síbi tó burú. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó báyìí, àìmọ̀ ni mo kọ sílẹ̀, kì í ṣe àkókò. Mo ya wákàtí mẹ́rin sọ́tọ̀ láti wádìí rẹ̀, mo sì pinnu pé n kò ní kọjá iye yẹn. Kóòdù rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìgbowó tí mo wò ń béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, ìyá kò sì ní in. Mo yọ ọ́ kúrò. Ó dùn mí, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wákàtí 20 kì í ṣe ọjọ́, o. Kí n tó fẹnu sọ ohunkóhun, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ iye wákàtí tí mo fi jókòó ti kóòdù gan-an sílẹ̀. Mo ti rò pé 20 ni lọ́sẹ̀. Ó jẹ́ 10, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ń jẹ ìrọ̀lẹ́ mi, àìsí iná sì ń jẹ ìyókù. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì ni ìpele kìíní, mo sì fi ọ̀kan kún un. Mo sọ fún ìyá pé, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó rí àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn ni n ó tó lè sọ ìgbà tí gbogbo rẹ̀ máa parí."

Wákàtí 32 ni ìpele kìíní gbà mí. Iṣẹ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ fi wákàtí kọ̀ọ̀kan kọjá, àmọ́ àfihàn káàdì kúrò ní 7, ó di 16. Mo ti so ojú káàdì mọ́ ọjọ́ oṣù, pé ojú keje ni ọjọ́ keje. Mo gbé fáìlì áàpù náà, `.apk`, fún ìyá, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Alátaa tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàìsan, tó wá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá ńkọ́?" Iye ìgbà tí wọ́n san ni ojú káàdì ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Mo tú u, mo tún un hun. Ká ní ìpele kẹta ni ìyá ti kọ́kọ́ rí i ni, ìṣirò ọjọ́ ìkówó ì bá ti dúró lórí àṣìṣe yẹn.

Mo pín 32 sí 20, ó jẹ́ 1.6. Mo ti fojú bu ìpele mẹ́ta tó kù sí 15, 20 àti 10, àpapọ̀ 45. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6, ó di 72. Ọ̀rẹ́ mi kan ní káàdì nìkan ló gba àkókò, pé kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Mo kọ̀, torí ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀ tí n kò tíì rí. Mo dá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún ìyá.

Ohun kan kò sí nínú wákàtí wọ̀nyẹn: ìdúró. Google tó ni `Play Store` kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣí àkáǹtì aládàáni lẹ́yìn November 2023 gbé áàpù síta fún gbogbo ayé láìjẹ́ pé ó kéré tán ènìyàn 12 ti wà nínú ìdánwò rẹ̀ fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró. Kíkọ kóòdù yára kò lè dín in kù. Bí mo bá fi í sí ìparí, ọ̀sẹ̀ méjì á kàn lọ lásán. Nítorí náà mo ṣí àkáǹtì náà, mo san dọ́là 25, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn olùdánwò nígbà tí mo ṣì wà ní ìpele kejì. Ènìyàn 15 ni mo kó jọ, kí iye wa má baà jábọ́ sábẹ́ 12 bí ẹnìkan bá yọ ara rẹ̀. Ọjọ́ 14 náà parí nígbà tí mo ń kọ ẹ̀dà àkọsílẹ̀.

Wákàtí 74 ni ìpele mẹ́ta náà gbà. Lọ́jọ́ ìkówó àkọ́kọ́ tí ìyá fi áàpù ṣe, wọ́n ṣì gbé ìwé ńlá wọn dání.