Mo Sọ Lẹ́tà Di Ràbàtà, Ímeèlì Kan Ṣáá Kọ̀

Ìtanràn ni mo san kí n tó gbà pé ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan kọ ímeèlì sí mi pé kí n san owó wọn, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 3 oṣù. Èmi ka 3 sí 8. Ọjọ́ 7 ni mo san án, mo tiẹ̀ ń yangàn pé mo yára. Ìtanràn ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo fi ìbínú ki fóònù Android mi mọ́lẹ̀. Settings, Accessibility, Display size and text, mo fa Font size dé òpin. Ìyẹn kò le rárá. Orúkọ àwọn tó kọ̀wé sí mi di ràbàtà nínú Gmail, inú mi dùn. Mo wá ṣí lẹ́tà tó kó bá mi yẹn. Bí èèrà ló ṣì rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Mo fa Display size náà sókè, gbogbo nǹkan ń wú, lẹ́tà yẹn ò mira. Èyí tó dùn mí jù ni pé ímeèlì tí àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ń tóbi. Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Inú àpótí kan tí a kò rí ni ilé-iṣẹ́ máa ń to lẹ́tà wọn sí, wọ́n á sì ti dá ìbú rẹ̀ lé, píksẹ́lì 600 lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbú ojú fóònù mi jẹ́ 360 péré lórí ìwọ̀n kan náà. Kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé, Gmail á fún un pọ̀: ọ̀rọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 10 á di 6. Ohun tí mo ń fà sókè ló ń fà wálẹ̀!

Ìlà mẹ́ta tó wà lókè Gmail ni mo tẹ̀, Settings, General settings, mo sì yọ àmì kúrò nínú Auto-fit messages. Lẹ́ẹ̀kan náà ni 3 tó ná mi lówó yọ sí mi gbàgàdà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìparí ìlà máa ń sá jáde lápá ọ̀tún, ẹ ó máa fi ìka fà á wá.

TalkBack, ohun tó ń ka ojú fóònù Android sókè, ni mo fi ń gbọ́ àwọn lẹ́tà tó gùn. Ẹ má ṣe tàn án wẹ́rẹ́ bíi tèmi. Fóònù kò gbọ́ ìka mi mọ́. Mo fọwọ́ kan nǹkan, ó ń dárúkọ rẹ̀ ṣáá. Àṣé ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá la máa ń tẹ nǹkan kó tó ṣí, ìka méjì la sì fi ń yí ojú ìwé. Ká ní mo mọ̀ ni, TalkBack shortcut ni ǹ bá kọ́kọ́ tàn, kí n lè tẹ bọ́tìnì ohùn méjèèjì pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó pa.

Lánàá, ilé-iṣẹ́ yẹn tún kọ̀wé. Inú àwòrán ni wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, TalkBack ò rí nǹkan kà. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fẹnu ka ọjọ́ náà sí mi létí, ẹ̀ẹ̀mejì.